Èsì: Sẹ́kúlárísíìmù àti plúrálísíìmù ní Yorùbá

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè pe sẹ́kúlárísíìmù àti plúrálísíìmù ní Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ò fi ní rò pé àìgbàgbọ́ ni mò ń kọ́ wọn?"

Ẹ má lo "àìlẹ́sìn" fún sẹ́kúlárísíìmù rárá. Èèyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń júwe, bẹ́ẹ̀ ìjọba ni ẹ̀kọ́ yín dá lé. "Ìlànà ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀sìn àti ìjọba" ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ fi òfin ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1905 dán an wò: ìjọba ò ní fọwọ́ sí ẹ̀sìn kankan, kò sì ní sanwó oṣù fún àlùfáà, síbẹ̀ òfin náà dáàbò bo òmìnira ìjọsìn. Ẹ wá pe ìyẹn ní àìlẹ́sìn, ẹ ó rí i pé kò bá a mu.

Plúrálísíìmù ló le jù, torí èrò méjì ló wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kí onírúurú ẹ̀sìn máa gbé pọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ kan náà, ẹ kọ "ìgbàmọ́ra onírúurú ẹ̀sìn". Ṣùgbọ́n ohun tí John Hick, onímọ̀ ọgbọ́n orí nípa ẹ̀sìn, sọ yàtọ̀: lójú tiẹ̀, òtítọ́ gíga kan ṣoṣo ni àwọn ẹ̀sìn ńlá ń fèsì sí. Ẹ pe ìyẹn ní "èrò ọ̀pọ̀ ọ̀nà". Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí lè gba ti àkọ́kọ́ tọkàntọkàn kó sì kọ èkejì, nítorí náà ẹ má fi orúkọ kan pe méjèèjì.