Ṣé mo lè fi èrè ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ra àgbò Iléyá?

Ìbéèrè: Àsàlámù aláékùn, Alfa. Mo fi ₦50,000 sínú ètò kan lórí fóònù, wọ́n sì ń san ₦10,000 fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Mo mú èèyàn mẹ́ta wọlé, wọ́n fún mi lówó lórí ìyẹn náà. Wọ́n ní òwò ni, kì í ṣe èlé. Ṣé mo lè fi ra àgbò? (Oníṣòwò kan, ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà)

Ìdáhùn: Wa aláékùm sàlámù, ìyá wa. Ẹ má fi ra àgbò o. ₦50,000 nínú ohun tí ẹ gbà, owó yín ló padà sọ́wọ́ yín. ₦40,000 tó lé, owó ẹlòmíì ni.

Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló bẹ̀rẹ̀, tí oníkálukú mú ₦50,000 wá. ₦5,000,000 nìyẹn, wọ́n á sì máa san ₦1,000,000 lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọn ò ta nǹkan kan, owó náà á tán lọ́sẹ̀ karùn-ún, kódà bí olórí ètò ò bá fọwọ́ kan kọ́bọ̀. (Ta ní ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀ tí kì í fọwọ́ kàn án?) Lẹ́yìn ìyẹn, ogún èèyàn tuntun gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó lè san ti ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, 120 ló ń retí owó, ó di èèyàn 24. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 1,300,000 lọ. Iléṣà ò ní èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Kò sì dìgbà tí àwọn ẹni tuntun bá dáwọ́ dúró kó tó wó. Bí iye tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí ò bá ti ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ, owó ò ní ká mọ́. Lọ́jọ́ tó bá wó, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni kò tíì rí owó tí wọ́n mú wá gbà padà, torí pé àwọn tó wọlé kẹ́yìn ló pọ̀ jù. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ pé “ẹ ní sùúrù, a ń tún ẹ̀rọ ṣe.” Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni MMM àti CBEX. Ní December 2016, MMM ti owó àwọn ará Nàìjíríà pa. Nígbà tí CBEX wó ní April 2025, wọ́n tún ní kí èèyàn san ó kéré tán 100 dọ́là kó tó lè gba owó tirẹ̀.

Ti pé òwò ni wọ́n ń ṣe: nínú ẹ̀sìn wa, bí ẹnì kan bá mú owó wá tí ẹnì kejì fi ṣòwò, ìpín èrè ni wọ́n ń fi àdéhùn sí, bí ìdajì-ìdajì. Bí òwò bá pàdánù láìsí ìwà àìbìkítà, olówó ló ń fara gbá a. Iye náírà kan pàtó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èrè wà tàbí kò sí, kì í ṣe òwò. Ọlọ́run sọ nínú Súrátùl-Bákọrà, ẹsẹ 279, pé bí ẹ bá ronú pìwà dà, ojú owó yín ni tiyín. Ẹ ò ní ṣàbòsí, a ò sì ní ṣàbòsí sí yín.

Nítorí náà, ẹ má gba kọ́bọ̀ mọ́. Ẹ pe àwọn mẹ́ta yẹn lónìí, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jáde. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá pé padà nínú wọn, ẹ fi owó tí wọ́n fún yín torí pé ẹ mú wọn wọlé àti ₦40,000 yẹn dí i fún un. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fún aláìní láìretí láádá.