Orí fífọ́ àárọ̀ àti kọ́ìlì ẹ̀fọn

"Yàrá kan là ń gbé ní Àkúrẹ́, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọlọ́dún méjì. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Alaalẹ́ la ń tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, a ó sì ti fèrèsé pa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orí á máa fọ́ wa, ọmọ á máa wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lo oògùn ibà láàárín oṣù méjì, ibi pẹlẹbẹ náà ló ń fi lélẹ̀. Ṣé kọ́ìlì yìí ni?"

Ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ lè fúnra yín mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tí orí fífọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń lọ ni kí ẹ máa ṣọ́. Orí fífọ́ tí èéfín fà máa ń bá èèyàn jí lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá ti jáde síta fún wákàtí kan sí méjì, á ti máa rọlẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ lo nǹkan kan. Kì í mú ara gbóná. Ti ibà kò bìkítà bóyá ìta lẹ wà tàbí inú ilé: ara á gbóná, òtútù á máa mú yín, oríkèé á máa ro yín, ẹnu á korò. Ẹ tún wò ó bóyá gbogbo ẹni tó sùn sí yàrá náà lorí ń fọ́ láàárọ̀ kan náà. Ibà kì í sábà mú tọkọtaya lọ́jọ́ kan náà, kó sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́sàn-án.

Fún alẹ́ mẹ́rin léraléra, ẹ má tan kọ́ìlì rárá. Ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì olóògùn, kí ẹ sì kọ bí orí yín ṣe rí láràárọ̀ sílẹ̀. Lálẹ́ karùn-ún, ẹ tún tan án. Bí orí bá fúyẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn, tó tún wá fọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn alẹ́ karùn-ún, ẹ ti rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n tí ara ọmọ bá gbóná láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ibà lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn ibà tí a ń rà ní kẹ́mísìtì láìṣe àyẹ̀wò ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín pẹ́ tó báyìí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé èéfín kọ́ ló ń pa ẹ̀fọn. Oògùn tó wà nínú kọ́ìlì kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù jẹ́ ìyẹ̀fun igi, èèpo àgbọn lílọ̀, sítáàṣì tó lẹ̀ wọ́n pọ̀, àti àwọ̀. Ẹ wo ibi tí iná wà lára rẹ̀ dáadáa: ẹyín iná pupa kékeré kan ni, eérú ń já lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó kàn án níwájú, tí iná kò tíì dé, ni oògùn ti ń gbóná tó sì ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Èéfín tí ẹ ń rí jẹ́ ti igi àti àgbọn tó ń jó. Nítorí náà, ẹni tó ní "èyí kò lágbára, èéfín rẹ̀ kò pọ̀" ti ṣì í. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan wọn èéfín kọ́ìlì láti Ṣáínà àti Màlésíà. Ìwọ̀n eruku kíkúná tó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tó jáde lára kọ́ìlì kan ṣoṣo, tó ti sìgá 75 sí 137. Nínú yàrá tí ẹ ti pa yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń gbé di àárọ̀. Fáànù kò lè kó o jáde, yíyí ló kàn ń yí i kiri. Ọmọ ló tún ń jẹ jù nínú rẹ̀, torí ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbà lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ẹní rẹ̀ wà la sì ń gbé kọ́ìlì sí.

Tó bá jẹ́ pé ẹ kò lè ṣe kí ẹ má tan án, ẹ má sùn tì í. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ẹ̀fọn tó ti wà nínú yàrá kí ẹ tó wọlé. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń jẹni jù láti bí aago mẹ́wàá alẹ́ lọ sí ìdájí, nẹ́ẹ̀tì ló sì ni ìyẹn.

Ní aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ kó ọmọ, oúnjẹ, omi mímu àti ike oúnjẹ ọmọ jáde. Ẹ gbọn àwọn aṣọ tí ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń sá pamọ́ sí. Ẹ gbé kọ́ìlì sórí irin rẹ̀ nínú àwo irin, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì. Ẹ tan án, ẹ ti fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jókòó síta fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ orí tó ń jó sínú agolo omi. Ẹ má da omi lé gbogbo rẹ̀, kí ìyókù má bàa bàjẹ́. Kọ́ìlì tó ń jó wákàtí mẹ́jọ á wá tó yín lò fún alẹ́ mẹ́jọ. Ẹ gbá ẹ̀fọn tó bọ́ sílẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀, àwọn míì ṣì máa ń jí. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn pọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, torí fèrèsé kan ṣoṣo kò lè gbé èéfín jáde bí afẹ́fẹ́ kò bá ríbi gbà kọjá. Bí fèrèsé kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ pa iná yàrá kí ẹ tó ṣí i.

Láti mọ̀ bóyá ó ti tó: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn yàrá náà, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí ìtànṣán rẹ̀ bá hàn bí ọ̀pá funfun tó na gbọọrọ láti ọwọ́ yín dé ògiri, èéfín ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá rí àmì iná lára ògiri, tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀pá náà, lẹ gbé ọmọ wọlé.

Ẹni tó bá ní asímà, kò sí ọgbọ́n kankan fún un nínú èyí: kí kọ́ìlì má wọ yàrá rẹ̀.

Ti tùràrí le ju bẹ́ẹ̀ lọ tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń dà sórí èédú. Òórùn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n èédú tó ń jó nínú yàrá títì ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Orí á fọ́, èébì á máa gbé èèyàn, ẹsẹ̀ á rọ. Ẹ gbé ẹni náà jáde kíákíá, kí ẹ sì máa lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ká ìka mọ́ wò ó, tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ pé, ẹ sọ fún wọn pé èédú jó nínú yàrá, torí ẹ̀rọ yẹn kò lè mọ̀yàtọ̀ oró náà. Bí ẹ bá ń gbàdúrà pẹ̀lú tùràrí, ẹ ṣe é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kí èédú náà sì kú síta.

Ní ti ikọ́ ọmọ yín: nígbà tó bá ń sùn, tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà rẹ̀ gbé sókè láàárín ìṣẹ́jú kan gbáko. Ní ọmọ ọdún méjì, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yára jù. Bí ìsàlẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ bá ń wọnú bó ṣe ń mí, tàbí tí àyà rẹ̀ ń dún bí fèrè, ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà ni, kì í ṣe lọ́la.