Oníbàárà ní òun ò gba iṣẹ́: ẹ̀rí tó yẹ kó wà lọ́wọ́ kí ẹ tó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oníbàárà kan lórí ìkànnì iṣẹ́ gbé ohùn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe é tán, mo fi ránṣẹ́, ó wá ní òun ò gbà á. “Àṣìṣe ti pọ̀ jù” nìkan ló kọ. Owó ò wọlé, inú sì ń bí mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fèsì o, ẹ má sì tíì tún iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá sáré fi fáìlì tuntun síbẹ̀, ẹni tó máa dá ẹjọ́ á rò pé ẹ̀yin fúnra yín ti gbà pé ti àkọ́kọ́ kò dáa. Wákàtí àkọ́kọ́ yìí, kíkó nǹkan pamọ́ ni ẹ fi ṣe. Oníbàárà lè ti iṣẹ́ náà pa, ó sì lè tún àlàyé tó kọ síbẹ̀ kọ, kí ẹ má tún rí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun mẹ́rin ni ẹ ó kó jọ. Àkọ́kọ́ ni àlàyé iṣẹ́ bí oníbàárà ṣe kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú fáìlì ìlànà tó bá so mọ́ ọn. Èkejì ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ nínú àpótí ìkànnì, láti ọjọ́ tí ẹ ti gba iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ojú ewé tó fi ọjọ́ àti wákàtí tí iṣẹ́ wọlé hàn. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ tó fi dá a padà. Ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ yín ní odindi, kí àdírẹ́sì ojú ewé àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ má gé e kù sí gbólóhùn kan ṣoṣo, torí gbólóhùn tí wọ́n gé jáde máa ń mú kí èèyàn béèrè ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún wákàtí. Ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń fi aago ẹ̀rọ yín hàn yín, nígbà tó jẹ́ pé aago àgbáyé tí wọ́n ń pè ní UTC ni wọ́n fi ka gbèdéke. Bí gbèdéke bá jẹ́ 23:59 UTC, tí aago yín sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC, iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ ní 00:40 wọlé ní 23:40 UTC, kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó kàn wo àwòrán yín, ó ti di ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà ní UTC, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí ìkànnì, kí ẹ wa fáìlì tí ẹ fi jíṣẹ́ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ má lo èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣí i kí ẹ sì tún un pamọ́ láìmọ̀. Ẹ ṣí èyí tí ẹ wà sílẹ̀ yẹn, kí ẹ wò ó dé òpin. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lágbedeméjì, ìdajì iṣẹ́ ló wọlé, ohun tí oníbàárà sì rí nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé fáìlì yìí àti èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ lo àṣẹ yìí nínú Command Prompt lórí Windows fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò ifijise.docx:

```
certutil -hashfile ifijise.docx SHA256
```

Bí ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó jáde fún méjèèjì bá bára mu láìyẹ̀, fáìlì kan náà ni wọ́n.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó jù. Ẹni tó máa dá ẹjọ́ lórí ìkànnì kò ní jókòó gbọ́ ohùn 90 ìṣẹ́jú. Ó lè má mọ̀ nípa iṣẹ́ yín rárá. Ohun tó máa wò ni ohun tí oníbàárà kọ pé òun fẹ́, àti bóyá ohun tí ẹ fi jíṣẹ́ bá a mu. Nítorí náà, kíkọ pé “iṣẹ́ mi dáa, mo sì ṣe wàhálà gidi” kò wúlò fún un. Ẹ sọ “àṣìṣe ti pọ̀ jù” di nǹkan tí wọ́n lè kà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ká ní ohùn náà jẹ́ 90 ìṣẹ́jú, tí àlàyé iṣẹ́ sì béèrè ohun mẹ́rin: kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ fi àkókò sí i ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ yọ àwọn “ẹn” àti “àà” kúrò, kí ọ̀rọ̀ tó tọ́ má sì dín ní 98 nínú 100. Kí ẹ tó gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ máa yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ibi tó dáa lẹ mú. Fún àpẹẹrẹ, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún láti ìṣẹ́jú 10, 40 àti 70. Ẹ gbọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú ohùn, kí ẹ sì ka àṣìṣe lọ́nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ tí ẹ fi òmíràn rọ́pò, ọ̀rọ̀ tí ẹ fò, àti ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ohùn tí ẹ fi kún un. Ká ní ọ̀rọ̀ náà jẹ́ 2100 lápapọ̀, tí 19 jẹ́ ìrọ́pò, tí 6 jẹ́ fífò, tí 4 sì jẹ́ àfikún:

```
(19 + 6 + 4) / 2100 × 100 = 1.38
```

Ìdá 1.38 nínú 100 ni àṣìṣe, ìyẹn ni pé 98.6 tọ́. Ó kọjá ohun tí wọ́n béèrè. Ẹ kọ gbogbo àṣìṣe 29 náà sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí wọ́n wà nínú ohùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ ti ara yín. Ẹni tó fi àṣìṣe ara rẹ̀ hàn ṣòroó pè ní onírọ́, àwọn tó ń dá ẹjọ́ sì mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ yìí tí kò ní àṣìṣe rárá. Ẹ má ka lẹ́tà ńlá àti àmì ìdánudúró mọ́ àṣìṣe, àyàfi bí ìlànà oníbàárà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ariwo bo ohùn, tí ẹ sì fi àmì sí pé kò ṣeé gbọ́, ẹ tò ó sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá kà á tán tó jẹ́ 95 ló jáde ńkọ́? A jẹ́ pé oníbàárà kò parọ́ nìyẹn. Ẹ má pe ẹjọ́ kankan. Ẹ kọ̀wé sí i pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ rí àṣìṣe, ẹ ó tún un ṣe láàárín wákàtí 24 láìgba owó kún un. Ọ̀nà yẹn ni owó fi máa ń jáde.

Ohun kan wà tó máa ń fa ìjà irú èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí. Àlàyé iṣẹ́ ní kí ẹ yọ “ẹn” àti “àà”, ṣùgbọ́n ẹni tí oníbàárà gbé e fún kí ó yẹ̀ ẹ́ wò fi í wé ẹ̀dà tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí láìyọ nǹkan kan. Gbogbo “ẹn” tí ẹ yọ á wá di ọ̀rọ̀ tí ẹ fò. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹni náà ń kólòlò, ìyẹn nìkan lè gba máàkì púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí oníbàárà bá fi àṣìṣe mẹ́wàá hàn yín tí mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Gbólóhùn tó ní kí ẹ yọ wọ́n nínú àlàyé iṣẹ́ ló máa dá yín láre. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán yín.

Nítorí náà, oníbàárà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, nínú àpótí ìkànnì nìkan, kì í ṣe lórí fóònù tàbí ímeèlì. Kí ó kúrú, ní èdè tí ẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Irú èyí:

“Ẹ ṣé tí ẹ yẹ iṣẹ́ náà wò. Mo yẹ ibi mẹ́ta wò, láti ìṣẹ́jú 10, 40 àti 70, mo rí àṣìṣe 29 nínú ọ̀rọ̀ 2100, ó sì wà nínú ìwọ̀n 98 tí ẹ béèrè. Mo fi àkójọ wọn mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́ka ibi márùn-ún tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, pẹ̀lú àkókò rẹ̀, kí n lè wò ó. Mo ṣe tán láti tún ohun tí kò bá àlàyé iṣẹ́ mu ṣe.”

Ẹ wò ó pé kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀, kò sí ìhalẹ̀ pé ẹ ó bà á lórúkọ jẹ́. Ìhalẹ̀ lè rú òfin ìkànnì, ẹjọ́ tí ẹ jàre á sì di ẹjọ́ tiyín. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n nítorí ìbínú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn, kí ẹ sun oorun ọjọ́ kan lé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ gbèdéke ẹjọ́ wò, torí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Lórí Amazon Mechanical Turk, ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde lè yí ìpinnu padà kí ó sì sanwó, àmọ́ láàárín ọjọ́ 30 ni. Ìkànnì náà kì í dá sí ìjà àárín ẹni tó gbé iṣẹ́ jáde àti òṣìṣẹ́, lẹ́tà yín sí ẹni náà ni gbogbo ẹjọ́. Lórí Upwork, iṣẹ́ tí iye owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní owó tí wọ́n fi pamọ́ ṣáájú, ọjọ́ 14 sì ni oníbàárà ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ọjọ́ lọ títí.

Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò fèsì, tàbí tó kàn tún “kò dáa” kọ, ẹ wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìkànnì. Kí ìwé yín má kọjá ojú ewé kan. Ẹ fi ohun tí ẹ ń béèrè ṣáájú, ìyẹn iye owó àti nọ́ńbà iṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ìlà mẹ́rin fún ohun mẹ́rin tí àlàyé iṣẹ́ béèrè: ohun tó ní kí ẹ ṣe, ohun tí ẹ ṣe, àti nọ́ńbà àwòrán tó fi hàn. Ẹ pe àwọn àwòrán náà ní 01, 02, 03 bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀ tẹ̀léra, kí ẹni tó ń kà á má bàa máa wá wọn kiri. Bí ìlà kan bá wà tí ẹ kò ṣe, bóyá ẹ fo àkókò kan, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ kí oníbàárà tó sọ ọ́.

Ẹjọ́ yìí kì í rọrùn bó bá jẹ́ pé àlàyé iṣẹ́ kò sọ ìwọ̀n kankan, tó kàn ní “ẹ kọ ọ́ dáadáa”. Níbẹ̀, ohun tí ẹ lè tọ́ka sí ni ìdáhùn tó fún yín nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, bíi ìgbà tó rí ojú ewé àkọ́kọ́ tó sì ní kí ẹ máa bá a lọ. Ó sì burú jù bí ẹ bá jọ yí ìlànà padà níta ìkànnì, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìkànnì kò ní ka ohun tí wọn ò lè rí nínú àpótí tiwọn.

Bí oníbàárà bá wá sọ lágbedeméjì ẹjọ́ pé òun á san ìdajì fún yín níta, kí ẹ fa ẹjọ́ yín kúrò, ẹ má gbà. Bí ẹ bá ti fà á kúrò, ó ṣeé ṣe kí ẹ má lè tún un gbé wá, gbígba owó níta sì lè mú kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa. Bí ìdajì náà bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú àpótí ìkànnì, kí ó sì sanwó láti ibẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹjọ́ ti parí.