Iná tó ń rẹlẹ̀ ní ìparí ìlà: táápù ni àbí wáyà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń bójú tó iná abúlé wa. Láti tiransifọ́mà dé òpó tó kẹ́yìn jẹ́ 800 mítà, ọ̀pọ̀ ilé sì wà láti ìdajì ọ̀nà lọ. Wáyà àlùmíníọ́mù 50 mm² la fà, níútírà náà 50 ni. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo máa ń bá 228 fọ́ltì lẹ́bàá tiransifọ́mà, àmọ́ 188 péré ni fésì pupa ní ìparí. Ní aago méjì òru, 242 ni lẹ́bàá tiransifọ́mà. Lálẹ́, pupa ń gbé 62 ámpù, yẹ́lò 35, búlúù 20. Ṣé ká yí táápù tiransifọ́mà ni, àbí ká pààrọ̀ wáyà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ kan ìkankan nínú méjèèjì. Ámpù mẹ́ta tí ẹ kà yẹn ló ń tọ́ka sí ibi tí ìṣòro wà.

Lórí wáyà 50 tí a fà sórí òpó, ámpù kan máa ń jẹ nǹkan bí 0.68 fọ́ltì ní kìlómítà kan. Níwọ̀n bí àwọn ilé ti wà láàárín 400 sí 800 mítà, ẹ ka gbogbo ẹrù náà sí ibi 600 mítà. 62 ámpù lórí pupa á jẹ nǹkan bí 25 fọ́ltì. Níútírà tún wà níbẹ̀: bí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbé ẹrù dọ́gba, iná wọn á pa ara wọn rẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ tiyín ń gbé bí 37 ámpù padà, ìyẹn sì ń jẹ bíi 14 fọ́ltì mìíràn lára pupa. Àpapọ̀ wọn sún mọ́ 40 fọ́ltì tí ẹ ń pàdánù.

Bí ẹ bá pín ẹrù náà kí fésì kọ̀ọ̀kan gbé 39, níútírà á fẹ́rẹ̀ẹ́ sinmi, ohun tó ń lọ á sì di 16 fọ́ltì. Ìparí á gòkè láti 188 sí bíi 212. Ó lè dín díẹ̀, torí pé gílóòbù iná àti áyọ́ọ̀nù á fa ámpù sí i bí fọ́ltì bá ti gòkè. Fún iná 230, ààyè tí a sábà máa ń gbà ni 207 sí 253, nítorí náà ẹ ti wọ inú rẹ̀ láìra wáyà kankan.

Àwọn ilé tó jìnnà ni kí ẹ gbé kúrò lórí pupa, kí púpọ̀ nínú wọn lọ sórí búlúù. Bó bá jẹ́ ilé ìtòsí tiransifọ́mà lẹ gbé, kíláàmpù tí ẹ fi ń ka ámpù á fi hàn pé ẹrù ti dọ́gba, ìparí ò sì ní yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kíláàmpù wò lórí òpó tó wà ní ìdajì ọ̀nà. Ilé tó ń lo fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má ṣe pààrọ̀ ìlà tirẹ̀, kí mọ́tò ibẹ̀ má bàa yí sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo táápù. Ibi tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń gbé sókè; kò dín ohun tí wáyà ń jẹ lójú ọ̀nà kù. Ká ní ẹ gbé e ní ìpele méjì báyìí, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìparí á dé 197 lálẹ́, kò tíì tó. Ní aago méjì òru, ilé tó wà lẹ́bàá tiransifọ́mà á gba 254. Àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín ẹrù, ìpele kan ṣoṣo á mú ìparí dé 217, òru á sì dúró sí 248. Ìyẹn dára.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé nọ́ńbà tó wà lára táápù, fọ́ltì tó ń wọlé ni. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohun tó ń jáde gòkè, ẹ lọ sí nọ́ńbà tó kéré: láti 11,000 sí 10,725. Táápù tí a ń fi ọwọ́ yí lórí irú tiransifọ́mà bẹ́ẹ̀, a kì í yí i nígbà tí iná wà. Kí àwọn tó láṣẹ pa á níhà méjèèjì, kí wọ́n sì dán an wò pé ó ti kú, kí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni má bàa ti iná padà wá.

Wáyà 100 dín ìpàdánù kù ní tòótọ́, àmọ́ kì í dín in kù dé ìdajì, torí pé àlàfo tó wà láàárín wáyà àti wáyà náà ń dá iná dúró, nínípọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìyẹn padà. Ámpù kan á ṣì máa jẹ nǹkan bí 0.4. Ká ní ẹ pààrọ̀ fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí 100 láìpín ẹrù, tí ẹ sì fi níútírà 50 sílẹ̀, pupa á dúró sí bíi 199 ní ìparí. Lẹ́yìn gbogbo owó yẹn! Bí ẹrù bá ti dọ́gba tí iná sì tún bọ́ sábẹ́ 207 nígbà tí ilé bá pọ̀ sí i, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra wáyà, kí níútírà sì wà nínú ohun tí ẹ máa pààrọ̀.