Ìkíni inú ímeèlì ìṣòwò lédè Faransé: Kùtọnù, Páríìsì, Mọntiréàlì

Ìbéèrè: Ará Kùtọnù ni mo máa ń kọ ímeèlì ìṣòwò sí lédè Faransé. Mo ti wá ní oníbàárà ní Páríìsì àti Mọntiréàlì. Ṣé ìkíni kan náà ni mo lè lò fún gbogbo wọn?

Rárá. Ní Kùtọnù, oyè ni ẹ ó fi kí ẹni tó bá wà nípò. Ká ní ẹ fẹ́ béèrè iye owó aṣọ lọ́wọ́ obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan, «Madame la Directrice,» ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ parí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kọ «Veuillez agréer, Madame la Directrice, mes salutations distinguées.» Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ ṣe pè é lókè náà ni ẹ gbọ́dọ̀ pè é nísàlẹ̀. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe, torí pé inú lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n ti ń da ìparí kọ. Bí òkè bá pe obìnrin, tí ìsàlẹ̀ sì ń pe «Monsieur le Directeur», ojú ẹsẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ti ẹlòmíì ni ẹ fi ránṣẹ́ sí òun.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí Páríìsì fún ìgbà àkọ́kọ́, «Madame,» tàbí «Monsieur,» ti tó, ẹ má fi orúkọ ìdílé tẹ̀ lé e. Àwọn tó di àṣà mú ka «Monsieur Martin,» sí àṣìṣe. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ kọ «Madame, Monsieur,». Ẹ fi «Cher» sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọra. «Cordialement» dára fún ìparí; «Bien cordialement» ló túbọ̀ ní ọ̀yàyà. Ẹ ṣọ́ra fún «Bonsoir» pẹ̀lú: ní Kùtọnù, wọ́n ti ń kí i bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ṣùgbọ́n ní Páríìsì, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ní Mọntiréàlì, ara tù wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. «Bonjour Madame Tremblay,» kò ní yà wọ́n lẹ́nu, «courriel» ni wọ́n sì ń pe ímeèlì. Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Bẹ́ljíọ̀mù, ẹ ó máa rí «Bien à vous» nísàlẹ̀; ti Swítsálándì ni «Meilleures salutations».

Ọ̀rọ̀ «vous» àti «tu» ló sábà máa ń tan àwa Yorùbá jẹ, torí pé wọ́n jọ «ẹ» àti «o» tiwa. Ọjọ́ orí ni àwa máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú iṣẹ́ ní Páríìsì, bí ẹ ṣe mọra tó ni wọ́n ń wò: àgbà ọ̀gá lè máa pe ọ̀dọ́mọdé tí kò mọ̀ rí ní «vous», ọ̀dọ́ náà yóò sì fi «vous» dá a lóhùn. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ju oníbàárà yín lọ, ẹ má kọ «tu» sí i. Ní Mọntiréàlì, «tu» máa ń tètè wọlé. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lò ó, kí ẹ tó fi dá a lóhùn.