Ilé-iṣẹ́ kékeré àbí ńlá: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ máa gbà jáde

*"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nínú ọjà ìpín ìdókòwò. Mo ní 40,000 dọ́là nílẹ̀. Ìpín ilé-iṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń tà ní dọ́là 2, ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì wà ní dọ́là 50. Wọ́n ní ti kékeré ló máa ń tètè di ìlọ́po. Ṣé ewu míì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí pé ó ń lọ sókè sódò?"*

Ó wà, òun ló sì burú jù: ó lè ṣòro láti rí ẹni tí ẹ máa tà á fún níye tó wà lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mójú kúrò lára dọ́là 2 àti dọ́là 50 yẹn, torí wọn ò sọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe tóbi tó. Ẹ wo iye ìpín tí ilé-iṣẹ́ ti gbé jáde lápapọ̀, kí ẹ fi owó ìpín kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye tí ọjà fi sórí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ká ní ti kékeré yẹn ní ìpín mílíọ̀nù 40, iye rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 80 dọ́là. Bí ti ńlá bá ní ìpín bílíọ̀nù 1, tirẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 50. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó bá ti kọjá bílíọ̀nù 10 ni wọ́n sábà ń pè ní ńlá, wọ́n sì ń pe èyí tó wà láàárín mílíọ̀nù 300 sí bílíọ̀nù 2 ní kékeré. Mílíọ̀nù 80 tiẹ̀ kéré ju kékeré lọ.

Kódà, mílíọ̀nù 80 yẹn kọ́ ló wà lórí àtẹ. Bí olùdásílẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ bá di ìdá 70 nínú 100 mú, tí wọn ò sì gbèrò àtità, ìpín mílíọ̀nù 12 péré ló kù fún gbogbo àwa yòókù láti máa rà kí a sì máa tà láàárín ara wa. Nínú mílíọ̀nù 12 ọ̀hún náà, ọ̀pọ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ti rà á jókòó tì, tí kò wo ojú ọjà mọ́.

Ká ní ẹ ti ra 20,000 ìpín, tí iye tó wà lójú ìwé sì jẹ́ 2.00, ẹ ó máa rò pé 40,000 dọ́là lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn tó ń rà àti àwọn tó ń tà hàn. Bid ni iye tí olùrà ṣe tán láti san, Ask sì ni iye tí olùtà ń bèèrè.

```
Ask  2.08    2,000
-------------------
Bid  1.94    1,500
Bid  1.90    2,500
Bid  1.82    4,000
Bid  1.75    5,000
Bid  1.60    7,000
```

Kò sí 2.00 níbì kankan níbẹ̀. Iye tí ẹnì kan rà á kẹ́yìn ni 2.00, ó sì lè jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ìpín péré lẹni náà rà, ó lè jẹ́ àná ló rà á. Tí ẹ bá ní kí wọ́n ta 20,000 yín lẹ́ẹ̀kan náà ní iyekíye, ẹ máa kọ́kọ́ gbé 1,500 fún ẹni tó fẹ́ san 1.94, ẹ ó bọ́ sórí 1.90, ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Gbogbo owó tó máa wọlé jẹ́ 34,890 dọ́là. Ó lé ní 5,000 tó ti dànù, bí ìdá 13 nínú 100, láìsí ìròyìn burúkú kankan nípa ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ já iye náà lulẹ̀.

Ti ilé-iṣẹ́ ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. 40,000 dọ́là jẹ́ 800 ìpín níbẹ̀. Ká ní Bid wà ní 49.99, Ask wà ní 50.01, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín sì tò sórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa tà tán lórí ìlà àkọ́kọ́, ẹ ó sì gba 39,992. Dọ́là 8 ló lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kékeré àti ńlá nìyẹn kí a tó sọ̀rọ̀ èrè tàbí gbèsè rárá.

Àwọn tó mọ èyí máa ń sọ pé àwọn ò ní í tà lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni. Ó dáa. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí ènìyàn má ta ju ìdá 10 nínú 100 ìpín tó ń pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́ lọ, kí iye má baà já. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpín 15,000 ló ń pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́, ẹ lè ta 1,500 lóòjọ́, ẹ ó sì tà tán ní ọjọ́ ọjà mẹ́rìnlá. Ó dà bí ẹni pé kò burú. Ṣùgbọ́n àròpín ni 15,000 yẹn, àròpín ọjà kékeré sì máa ń parọ́. Ẹ ṣí ogún ọjọ́ tó kọjá, kí ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè bá ọjọ́ mọ́kàndínlógún tó jẹ́ 4,000 péré, àti ọjọ́ kan tí 224,000 lọ torí pé ẹnì kan gbé ẹrù ńlá fún ẹlòmíì. Ẹ pín gbogbo rẹ̀, 15,000 ni yóò jáde lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ máa bá lọ́jà jẹ́ 4,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 400, 20,000 yín á sì gbà tó àádọ́ta ọjọ́ ọjà. Ó lé ní oṣù méjì. Torí náà, ẹ fi àròpín sílẹ̀, kí ẹ to ọjọ́ ogún náà láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Bí ìròyìn burúkú bá wá jáde, àwọn ìlà Bid wọ̀nyẹn kì í dúró dè yín. Wọ́n á kó wọn kúrò. Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé ní ọjọ́ tí jìnnìjìnnì bo ọjà, ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ já, torí òun làwọn tó nílò owó kíákíá lè rí tà, nígbà tí ti kékeré ṣì wà ní 2.00 bí ẹni pé kò gbọ́. Kì í ṣe agbára ló fi dúró. Kò sí ẹni tó rà á lọ́jọ́ náà ni, iye àtijọ́ lẹ sì ń wò. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ìlọsókè-sódò ilé-iṣẹ́ kékeré míì fi máa ń dà bí èyí tó rọlẹ̀.

Ewu kejì kì í hàn nínú iye ilé-iṣẹ́, ìpín yín ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò tíì jèrè, owó àwọn olùdókòwò ló ń ná. Ká ní mílíọ̀nù 3 ló kù lápò rẹ̀, tí 500,000 sì ń jáde lóṣù: oṣù mẹ́fà ló kù fún un. Báńkì kì í fẹ́ yá irú wọn lówó, torí náà wọ́n á tẹ ìpín tuntun jáde, wọ́n á sì tà á ní ẹ̀dínwó kí ènìyàn tó dá wọn lóhùn. Láti rí mílíọ̀nù 10 ní 1.25, ìpín tuntun mílíọ̀nù 8 ni wọ́n máa tẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 10 míì ní 0.80, ìyẹn mílíọ̀nù 12.5. Mílíọ̀nù 40 ti di mílíọ̀nù 60.5. Kódà bí ọjà bá padà fi mílíọ̀nù 80 sórí ilé-iṣẹ́ náà bíi ti tẹ́lẹ̀, ìpín kan á wà ní nǹkan bí 1.32. Ilé-iṣẹ́ ò kéré sí i, owó tiyín ti dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ẹ lè rí i kó tó dé. Nínú ìròyìn ọdọọdún, ẹ wo owó tó wà lọ́wọ́, kí ẹ fi owó tí iṣẹ́ ń gbà jáde lóṣù pín in. Bí kò bá tó oṣù méjìlá, ìpín tuntun ń bọ̀. Ẹ tún to bí ìpín tó wà níta ṣe pọ̀ tó ní ọdún mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, kí ẹ sì wá gbèsè tó lè di ìpín lọ́la, inú àlàyé ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí olùyẹ̀wòwé-owó bá kọ ọ́ pé òun ṣiyèméjì bóyá ilé-iṣẹ́ náà á lè máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ má ka ojú ìwé tó kàn mọ́.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà ní tiẹ̀. Ibẹ̀ kì í sábà ṣòro láti jáde, iye tí ènìyàn wọlé ni ọ̀ràn. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, gbogbo ìrètí sì ti wà nínú iye náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, Cisco, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, ló níye lórí jù láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín lágbàáyé, ó lé ní bílíọ̀nù 500 dọ́là. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 2002, ìpín rẹ̀ ti já ní ohun tó lé ní ìdá 80 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ náà ò kógbá sílé, ó ṣì ń tajà, ó ṣì ń pa owó, síbẹ̀ ó gba iye ìpín yẹn ní ohun tó lé ní ogún ọdún kó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ra ìpín náà nígbà tí iye rẹ̀ ga jù lè tà á nígbàkígbà ní ìṣẹ́jú kan. Àdánù ló máa tà.

Ti pé kékeré ń tètè di ìlọ́po, irọ́ kọ́. Rolf Banz, onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìnáwó, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1981 lórí ọjà ìpín New York tó fi hàn pé àwọn kékeré mú èrè wá ju àwọn ńlá lọ, ara àwọn tó kéré jù pátápátá ló sì ti hàn jù. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni àlàfo Bid àti Ask wọn máa ń fẹ̀ jù. Ẹni tó bá ra èyí tí a kọ sókè yìí ní 2.08, tó sì tà á lójú ẹsẹ̀ ní 1.94, ti pàdánù bí ìdá 7 nínú 100 kí èrè kankan tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kékeré yẹn, ẹ ṣe ìṣirò láti ibi àtijáde wá. Ọjọ́ mélòó lẹ lè fara da kí ẹ tó tà tán? Ká ní mẹ́wàá. 400 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ ìpín 4,000, ní dọ́là 2, 8,000 dọ́là ni. Nínú 40,000 yín, 8,000 ló gbọ́dọ̀ wọbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ má yan Market lójú ìwé alágbàtà yín, torí iyekíye ló máa ń rà á; Limit, tí kì í san ju iye tí ẹ bá kọ lọ, ni kí ẹ yàn, kí ẹ kọ 2.00 tàbí 2.01 sí i, kí ẹ dúró. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó pé. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tà á fún yín níye yẹn, ẹ jẹ́ kó lọ.