Irú lẹ́tà wo ló wà lára pósítà inú fọ́tò yìí?

"Mo ya pósítà kan ní fọ́tò. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá sẹ́rífù, sáànsì, sílábù tàbí sìkírípìtì ni lẹ́tà rẹ̀?"

Ẹ fẹ fọ́tò náà lójú, kí ẹ wo H ńlá. Bí kò bá sí igi kékeré tó dábùú lórí àti ní ìdí òpó rẹ̀, sáànsì ni. Bí igi náà bá tín-ín-rín ju òpó lọ, sẹ́rífù ni. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó òpó, sílábù ni. Rockwell, tó jáde ní 1934, jẹ́ sílábù: A ńlá rẹ̀ ní igi lórí ṣóńṣó pàápàá. Sìkírípìtì kò ṣòro, lẹ́tà kéékèèké rẹ̀ sábà máa ń so mọ́ra bí ìkọ̀wé ọwọ́.

Bodoni, tó jẹ́ sẹ́rífù, ni fọ́tò máa ń fi tan ènìyàn jù. Igi ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, bí fọ́tò bá ṣú díẹ̀, ó ti pòórá nìyẹn, ẹ ó sì rò pé sáànsì ni. Ẹ wo O: bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá nípọn, tí òkè àti ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ó ṣeé ṣe jù pé sẹ́rífù ni. Ẹ tún un yà nítòsí, kí ẹ dojú kọ ọ́ gan-an, torí pé bí ẹ bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, òpó á fún pọ̀, sẹ́rífù á sì jọ sílábù.